Láti Ìtòkú Dé Másítà: Bí Iṣẹ́ Kíláàsì Ṣe Ń Di Ìwé Àlàyé Ara Ẹni

Ẹni tó bá fẹ́ lọ ṣe másítà nínú ẹ̀kọ́ màkẹ́tìn ní Bírítéènì yóò kó ìwé mélòó kan jọ. Yunifásítì tó ti jáde ni yóò ṣe tìránsíkíríìpù rẹ̀, àwọn olùkọ́ rẹ̀ ni yóò sì kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí. Ẹyọ kan ló kù tó jẹ́ pé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni yóò ti jáde: ìwé àlàyé ara ẹni, èyí tó ń sọ ìdí tó fi ń wá àyè náà àti ohun tó mú lọ́wọ́ wá. Ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í fẹ́ kó ju 500 sí 1,000 ọ̀rọ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́. Kò tíì ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà, kò sì tíì dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀. Ó yẹ ara rẹ̀ wò, ó ní òun kò ní nǹkan kan tí òun lè sọ. Ló bá lọ ń wá ìtàn ìgbà èwe jáde, tàbí kó lọ yá ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n kan tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun tó yẹ kó sọ ń bẹ nínú fáìlì tó ti gbàgbé sórí kọ̀ǹpútà: àwọn pírójẹ́ẹ̀tì tó ṣe gba máàkì ní ipele kẹta àti ìkẹrin.

Ìtàn ìgbà èwe kì í sábà gbeni. Ní ọdún 2007, UCAS, àjọ tí àwọn tó ń wá àyè dìgírì àkọ́kọ́ ní Bírítéènì ń gbà kọ̀wé, fi ẹ̀rọ yẹ ìwé àlàyé ara ẹni tó tó 50,000 wò. Wọ́n rí 234 ènìyàn tí ìtàn wọn bára mu: gbogbo wọn ló ní àwọn jó aṣọ ìwọ̀sùn àwọn lu nígbà tí àwọn wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti rí àpẹẹrẹ náà, wọ́n sì dà á kọ. Nínú ẹ̀kọ́ màkẹ́tìn, irú ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni "láti kékeré ni mo ti ń bá ìyá mi tajà." Ó lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá ní ilẹ̀ Yorùbá ló ń tajà. Ṣùgbọ́n kò fi ohun tí ọmọ náà kọ́ ní ọdún mẹ́rin hàn. Gbólóhùn Philip Kotler kò sàn jù ú lọ. Láti ọdún 1967 ni ìwé ńlá Kotler lórí àbójútó ọjà ti wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́. Ẹni tó ń ka ìwé yín ti mọ ohun tó wí, ohun tí ẹ̀yin ṣe ni kò mọ̀.

Àṣìṣe kẹta ló pọ̀ jù: kíka orúkọ àwọn kọ́ọ̀sì kalẹ̀. "Mo kọ́ ẹ̀kọ́ ìwà oníbàárà, mo kọ́ ìwádìí ọjà, mo kọ́ ìpolówó." Tìránsíkíríìpù ti sọ gbogbo ìyẹn, ó sì fi máàkì tì í. Ìwé àlàyé tó tún un sọ ti fi ìdá mẹ́ta àyè rẹ̀ ṣòfò.

Kí ni kó wá kọ? Kó mú pírójẹ́ẹ̀tì kan, ó pọ̀ tán méjì, kó sì sọ ọ́ délẹ̀: ìbéèrè tó wà nílẹ̀, ohun tó ṣe, ohun tó bá bọ̀, àti ibi tí iṣẹ́ náà kù sí. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ń bò mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ìdí tí ènìyàn fi ń padà sí ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ ká gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀. Ká ní ọmọbìnrin kan kàwé màkẹ́tìn ní yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ipele kẹta, olùkọ́ ìwà oníbàárà pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà, ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá oníṣòwò kékeré kan, kí wọ́n bá a wádìí ìṣòro kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ ọmọ yìí lọ bá ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ìyá náà ní ìkànnì Ínsítágíráàmù, ó ń gbé àwòrán aṣọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í kọ iye owó. Ohun tó máa ń kọ sábẹ́ àwòrán ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ ra á fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè. Kò sí ẹni tó ń rajà lórí fóònù ní Nàìjíríà tí kò mọ àṣà yìí. Àròyé ìyá náà ni pé òun ń dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, àwọn tó ń rà kò sì tó nǹkan.

Ẹgbẹ́ náà bá a ṣètò ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ó ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe, kò kọ owó. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, ó ń kọ iye owó sábẹ́ gbogbo àwòrán. Wọ́n ń ka àwọn tó béèrè àti àwọn tó rà. Nígbà tí kò kọ owó, ènìyàn 84 ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, 9 ló rà. Nígbà tó kọ owó, àwọn tó béèrè wálẹ̀ sí 41, àwọn tó rà sì jẹ́ 13.

Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ ọmọ yóò ṣe kọ èyí sínú ìwé àlàyé: "Mo darí ẹgbẹ́ kan tó mú kí ọjà oníṣòwò kan fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún gbèrú." Ìṣirò náà kò ṣẹ̀, torí láti 9 sí 13, ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún ló lé. Ṣùgbọ́n aṣọ mẹ́rin péré ni. Olùkọ́ tó ti fi ọdún púpọ̀ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò béèrè lọ́kàn rẹ̀ pé ìdá 44 lórí kí ni, kò sì ní rí ìdáhùn. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí a kò so mọ́ iye gan-an ló ń mú kí ènìyàn ṣiyèméjì sí gbogbo ìyókù ìwé náà.

Ohun tó níye lórí nínú iṣẹ́ náà kò sí nínú aṣọ mẹ́rin. Nígbà tí kò kọ owó, nínú ọgọ́rùn-ún tó béèrè, nǹkan bí 11 ló ń rà. Nígbà tó kọ ọ́, ó di nǹkan bí 32. Ìyẹn ni pé iye owó tó wà lójú àwòrán ti bá ìyá náà ya àwọn tí agbára wọn kò gbé e sọ́tọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdajì àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń dáhùn tẹ́lẹ̀ ló kù tó ń dáhùn. Ọmọ tó bá rí èyí ti mọ ìyàtọ̀ láàrin àfiyèsí àti títà, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ ènìyàn nínú màkẹ́tìn orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ibo wá ni iṣẹ́ náà kù sí? Ọ̀sẹ̀ méjì kejì bọ́ sí ìparí oṣù, nígbà tí owó oṣù ń wọlé, Iléyá sì kù díẹ̀, àwọn ènìyàn ń wá aṣọ ọdún. Ta ló lè búra pé owó tí ìyá náà kọ ló mú wọn rà? Ó lè jẹ́ owó oṣù, ó lè jẹ́ Iléyá. Tí ẹgbẹ́ náà bá ti mọ̀, wọn ì bá máa gbé àwòrán tó ní owó jáde lónìí, kí wọ́n gbé èyí tí kò ní owó jáde lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni wọn ì bá ṣe títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fi pé, kí ìparí oṣù àti Iléyá lè kan àwọn méjèèjì bákan náà. Bí wọ́n tilẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, aṣọ 22 kò pọ̀ tó láti fi dájọ́.

Ìyẹn ni ọmọbìnrin yìí yóò kọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí èrò rẹ̀ yóò ṣe tò nìyí:

"Ní ipele kẹta, èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún wádìí ìdí tí àtẹ̀jíṣẹ́ fi ń pọ̀ tí títà kò fi pọ̀ fún oníṣòwò àdìrẹ kan l'Abẹ́òkúta. Èmi ni mo ṣe tábìlì tí a fi ń ka àwọn tó béèrè àti àwọn tó rà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye owó, àwọn tó béèrè wálẹ̀ láti 84 sí 41, ṣùgbọ́n àwọn tó rà lọ láti 9 sí 13. A kọ ọ́ nínú ìròyìn wa pé owó tó hàn ló fà á. Lẹ́yìn tí a ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni mo ṣàkíyèsí pé ọ̀sẹ̀ méjì kejì bọ́ sí ìparí oṣù àti ọjà Iléyá, àti pé ètò wa kò lè ya àwọn ìdí wọ̀nyí sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Bí a ṣe ń ṣètò ìdánwò tó lè yà wọ́n ni mo fẹ́ wá kọ́."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ló gbé ìwé náà ró. Ó ti sọ ìdí tó fi ń wá másítà láìpariwo pé òun ní ìtara. Láti ibẹ̀, ó lè dárúkọ kọ́ọ̀sì kan lórí ìkànnì yunifásítì náà, bóyá ìlànà ìwádìí tàbí ìtúpalẹ̀ dátà ọjà, kó sì sọ ohun tí yóò fi ṣe. Ẹni tó bá kọ orúkọ kọ́ọ̀sì mẹ́rin láìsọ ìdí kan, àdàkọ ni yóò jọ lójú ẹni tó ń kà á.

Ẹ kíyè sí "èmi" àti "a" nínú àpẹẹrẹ yẹn. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ kíláàsì màkẹ́tìn, olùkọ́ tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ̀ pé nínú ẹni mẹ́fà, àwọn kan kì í ṣe nǹkan kan. Tí gbogbo gbólóhùn bá jẹ́ "a", kò ní mọ ibi tí ọmọ náà dúró sí. Tí gbogbo rẹ̀ bá sì jẹ́ "mo", kò ní gbà á gbọ́. Kí ó fi "mo" sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ tábìlì kan lórí Ẹ́sẹ́ẹ̀lì ló ṣe. Ohun kékeré tó dájú lágbára ju oyè olórí ẹgbẹ́ tí kò sí ẹ̀rí rẹ̀ lọ. Orúkọ ìyá aláàdìrẹ náà kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé yìí láìgbàṣẹ. Òwò rẹ̀ ni, òun ló ni àṣírí owó rẹ̀.

Pírójẹ́ẹ̀tì kejì tó lè wúlò ni ti àṣekágbá, èyí tó máa ń ní orí márùn-ún nínú ọ̀pọ̀ yunifásítì wa. Níbí, ìṣọ́ra gba ìṣọ́ra, nítorí àwọn àṣà kan tó mọ́ wa lára nílé kò dán mọ́rán nígbà tí àjèjì bá kà á. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ìlànà Taro Yamane, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi mọ iye ènìyàn tí wọn yóò bi ní ìbéèrè:

```
n = N / (1 + N × e²)
```

N ni gbogbo àwọn tí ìwádìí náà kàn, e ni àṣìṣe tí a lè gbà láàyè, n sì ni iye àwọn tí a ó bi. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń wádìí bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ 1,200 ṣe ń yan mílíìkì inú ọ̀rá tàbí ti inú agolo, tó sì gba àṣìṣe 0.05. Yóò fi 0.05 ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, ìyẹn 0.0025; yóò fi sọ 1,200 di púpọ̀, yóò bá 3; yóò fi 1 kún un, ó di 4; 1,200 tí a pín sí 4 jẹ́ 300. Ìṣirò náà mọ́ kedere.

Ṣùgbọ́n ìlànà náà gbà pé gbogbo ènìyàn 1,200 yẹn ló ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sínú 300 tí a bi. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé akẹ́kọ̀ọ́ a pín ìwé ìbéèrè ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, tàbí kó gbé e sórí Wáàsáàpù kíláàsì rẹ̀, kó sì dúró títí yóò fi pé 300. Nígbà náà, 300 ti di òǹkà lásán. Ó fi ohun tí àwọn tó sún mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà ń rò hàn, kò fi ti ọmọ 1,200 hàn. Láti mọ̀ bóyá pírójẹ́ẹ̀tì ẹni ní àrùn yìí kò le: ẹ wo tábìlì àkọ́kọ́ ní orí kẹrin, níbi tí wọ́n ti ń to ọjọ́ orí, ipele àti akọ tàbí abo. Tí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún bá wá láti ipele kan ṣoṣo nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà ní ipele mẹ́rin tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jura lọ, àwọn ọ̀rẹ́ ẹni la bi.

Ẹni tó ń kọ ìwé àlàyé kò ní láti dárúkọ Yamane rárá. Olùkọ́ tó wà ní Bírítéènì lè má mọ orúkọ náà. Kó sọ pé òun bi ènìyàn 300, kó sọ ibi tó ti rí wọn, kó sì sọ àwọn tí ọ̀nà náà kò jẹ́ kó kàn. Gbólóhùn mẹ́ta tó irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá sì fi SPSS ṣiṣẹ́, kó sọ ohun tó fi ṣe. Orúkọ ẹ̀rọ nìkan kò sọ nǹkan, pàápàá nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé àwọn kan ń sanwó fún ẹlòmíràn láti bá wọn tẹ̀ ẹ́.

Kí ènìyàn tó kọ ìlà kan, ó yẹ kó mọ irú másítà tó ń kọ̀wé sí. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣètò fún ẹni tí kò kọ́ màkẹ́tìn rí, tó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ ìtàn tàbí kẹ́mísìrì ló ti wá. Àwọn mìíràn wà fún ẹni tó ti ní ìpìlẹ̀. Ọmọ tó ní dìgírì màkẹ́tìn tó sì kọ̀wé sí irú àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé pé òun kò fẹ́ wá tún ohun kan náà kọ́. Pírójẹ́ẹ̀tì tó ní ibi tó kù sí ló lè bá a sọ ìyẹn. Tó bá kọ̀wé sí irú kejì, pírójẹ́ẹ̀tì kan náà ni yóò fi hàn pé ìpìlẹ̀ wà. Bí ìtàn Ìtòkú ṣe rí kò ní yí padà. Ibi tí a ó tẹnu mọ́ ló máa yàtọ̀. Ìdí nìyí tí fífi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí yunifásítì márùn-ún kò fi dára.

Tí ìwé náà bá jẹ́ 700 ọ̀rọ̀, ìtàn pírójẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ lè gba nǹkan bí 300, kí èkejì gba 150. Ìdí tó fi yan yunifásítì náà lè tó 150. Èyí tó kù wà fún ìbẹ̀rẹ̀ tó lọ tààrà sí ìbéèrè tó ń dà á láàmú, àti fún ohun tó fẹ́ ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Òótọ́ ni pé àwọn yunifásítì kan ń béèrè àwọn ìbéèrè tiwọn, wọ́n sì ń fẹ́ kí a dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀, ìlànà tiwọn ni kí a tẹ̀ lé.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí: olùkọ́ tó máa kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí. Tó bá ṣeé ṣe, kó jẹ́ ẹni tó gba pírójẹ́ẹ̀tì náà wọlé tàbí tó bójú tó o. Kí ọmọ náà fún un ní ẹ̀dà ìwé àlàyé rẹ̀, kó sì rán an létí ohun tí ẹgbẹ́ wọn ṣe, nítorí olùkọ́ tó ní igba akẹ́kọ̀ọ́ kò lè rántí gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà tó sọ pé ọmọ náà fi ìbọ̀wọ̀ bá ènìyàn gbé dára, ṣùgbọ́n èyí tó sọ pé òun ló ṣe tábìlì àdìrẹ náà ń ti ìtàn inú ìwé lẹ́yìn.

Yunifásítì púpọ̀ ní Bírítéènì tún ń fọ̀rọ̀ wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti òkè òkun lẹ́nu wò lórí fídíò kí wọ́n tó fún wọn ní CAS, ìwé tí wọn yóò fi béèrè físà. Wọ́n máa ń béèrè ìdí tí ènìyàn fi yan ẹ̀kọ́ náà àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó sanwó fún ẹlòmíràn láti kọ ìwé rẹ̀ kì í lè dúró lórí ìbéèrè kejì. Ẹni tó ka àtẹ̀jíṣẹ́ 84 fúnra rẹ̀ kò ní láti há ohunkóhun sórí.

Ẹ̀bẹ̀ kan wà fún ẹ̀yin tó ṣì wà ní ipele kejì àti ìkẹta. Ẹ má pa fáìlì iṣẹ́ kíláàsì rẹ́ lẹ́yìn tí máàkì bá ti jáde. Ẹ tọ́jú ìwé ìbéèrè, ẹ tọ́jú tábìlì, ẹ tọ́jú ohun tí olùkọ́ fi yíǹkì pupa kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé yín. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ kọ ìlà mẹ́ta: ohun tí ẹ ṣe fúnra yín, iye tí ẹ rí, àti ohun tí ẹ̀ ń ṣiyèméjì sí. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí ìméèlì ara yín, nítorí fóònù ń sọnù, kọ̀ǹpútà sì ń bàjẹ́.